Kí ni òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó yíyá wò ń wá nínú ètò òwò wa?

Ẹlẹ́yin Ìwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mo ń sìn ní Ìwó. 200 ni wọ́n báyìí, mo sì fẹ́ fi 500 ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan kún wọn. Mo lọ sí báǹkì kékeré kan tó máa ń yá àwa oníṣòwò lówó, mo ní kí wọ́n yá mi ní ₦5,000,000 fún oṣù 12, kí n bẹ̀rẹ̀ sí san án padà láti oṣù tó bá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n mú ìwé ètò òwò wá. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan tó máa ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ó sì ṣe é dáadáa, ó fi àwòrán àti tábìlì sí i. Nínú rẹ̀, àwọn 500 náà ń yé ẹyin 500 lójúmọ́, wọ́n sì ń jẹ 45 àpò oúnjẹ lóṣù. Àpò oníkílò 25 kan wà ní ₦18,000, kíréètì ẹyin kan sì wà ní ₦4,500 fún àwọn tó ń wá kó o lóko.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó yíyá wò, ẹ̀yìn ìwé náà ló ti ṣí i, kò ka ojú ewé àkọ́kọ́ rárá. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi mí. Ó ní, ìgbà wo ni àwọn adìẹ tuntun yìí yóò yé ẹyin àkọ́kọ́? Ó ní, àpò oúnjẹ mélòó ni 200 tí mo ní lọ́wọ́ ń jẹ lójúmọ́? Ó ní, ta ló kó ẹyin ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Mo dá a lóhùn lórí gbogbo rẹ̀. Ó kọ nǹkan sí etí ìwé náà, ó ní kí n lọ tún un ṣe, kò sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa ń wá gan-an?

Onílé Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí ìwé yẹn. Ohun ìdógò ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá ní ìwé ilẹ̀ tó dúró ire, tí ẹ sì ní oníduró méjì tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, wọn yóò yá yín lówó bí ètò òwò yín tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi yáwó fi ra ọkọ̀ akẹ́rù, ìwé ilé bàbá wa ló fi sílẹ̀, mi ò sì rántí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè iye epo tí ọkọ̀ náà ń mu. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ lọ.

Àgbà Kírédíìtì

Ẹlẹ́yin Ìwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn kí n tó fi í sílẹ̀, mo sì lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà fún yín láìsí àní-àní. Ọ̀rọ̀ Onílé Òṣogbo ní òótọ́ tirẹ̀ nínú, nítorí wọ́n á béèrè ohun ìdógò àti oníduró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì tí owó fi lè padà sílé nìyẹn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tó ní ìwé ìjọba dógò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, bí gbèsè bá sì bàjẹ́, ẹjọ́ lè pẹ́ títí kí báǹkì tó rí ilẹ̀ náà tà. Kò sí báǹkì kékeré tó fẹ́ fi ₦5,000,000 ra ẹjọ́. Ọ̀nà kìíní, ìyẹn owó tí òwò fúnra rẹ̀ ń pa wọlé, ni òṣìṣẹ́ náà ń wá. Ìdí nìyẹn tó fi ṣí ìwé yín láti ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni tábìlì owó oṣooṣù máa ń wà. Ìtàn nípa ilé iṣẹ́ àti àlá ọjọ́ iwájú tó máa ń wà níwájú, ọjọ́ tí wọ́n bá ti fẹ́ fọwọ́ sí i ni a tó máa ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà lójú yín bí òun ṣe ṣe é lọ́kàn ara rẹ̀. Adìẹ kì í yé ẹyin àkọ́kọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 kí ẹyin rẹ̀ tó pọ̀ débi tí ènìyàn lè gbójú lé e. Fún oṣù márùn-ún gbáko, nígbà náà, jíjẹ ni àwọn 500 yìí yóò máa jẹ, wọn kò ní mú kọ́bọ̀ wọlé. Kí adìẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí yé, yóò ti jẹ tó kílò méje. Fún 500, ó di kílò 3,500, èyí tí í ṣe 140 àpò, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ fi sí i. A kò tíì dárúkọ owó ọmọ adìẹ, àjẹsára àti iná tí ẹ ó fi mú ara wọn gbóná.

Ẹ wá wo ìhà kejì. Ẹ kò sọ iye èlé, ṣùgbọ́n ká ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ni, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹ ó máa dá padà lóṣooṣù yóò lé ní ₦600,000, ẹ sì sọ pé láti oṣù kejì ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Adìẹ 200 tí ẹ ní nìkan ló ń yé ẹyin lákòókò yẹn. Bí wọ́n bá ń yé ẹyin 160 lójúmọ́, 160 kíréètì ni lóṣù, owó rẹ̀ jẹ́ ₦720,000. Bí ẹ bá yọ oúnjẹ wọn kúrò, èyí tó kù kò ju nǹkan bí ₦220,000 lọ, ẹ kò sì tíì san owó ẹnikẹ́ni. Níbo ni ìyókù ti ń bọ̀? Inú owó tí báǹkì yá yín náà ni. Owó oúnjẹ àwọn adìẹ tuntun ni ẹ ó máa mú dá padà fún báǹkì, títí yóò fi tán nígbà tí àwọn adìẹ náà kò tíì yé ẹyin kan. Òṣìṣẹ́ náà ti rí èyí kó tó gbé orí sókè, ohun tó sì fà á tó fi bi yín léèrè ìgbà ẹyin àkọ́kọ́ ni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n.

Kí ni èsì tí ẹ fún un lórí ìbéèrè oúnjẹ?

Ẹlẹ́yin Ìwó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo sọ fún un pé ẹyin àkọ́kọ́ yóò wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àbọ̀. Ní ti oúnjẹ, mo ní àpò kan kì í pé kó tó tán lójúmọ́, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sí ọjọ́ kejì. Ó mi orí, àmọ́ ó tún padà sí ìwé náà, ó ń wò ó lọ bọ̀.

Àgbà Kírédíìtì

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èsì tí ẹ fi ẹnu sọ dára. Adìẹ tó ń yé máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, nítorí náà 200 yóò jẹ bíi kílò 23, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù nínú àpò oníkílò 25 lóòótọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ nìkan ló lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí 200 bá ń jẹ tó àpò kan lójúmọ́, 500 gbọ́dọ̀ jẹ ju àpò méjì lọ, èyí tó sún mọ́ 70 àpò lóṣù. Ìwé yín sọ pé 45. Ẹnu yín àti ìwé yín kò bára mu, kò sì sí àmì tó ń kọ òṣìṣẹ́ lóminú ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe pé yóò pè yín ní òpùrọ́. Ohun tó máa sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó yíyá ni pé ẹni tó ni òwò mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ ètò yìí, nítorí náà kò sí iye kan nínú ètò náà tí a lè gbé ara lé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí, wọn kò ní ka ìyókù.

Ẹyin 500 láti ara adìẹ 500 náà ń kọ́? Kò sí agbo adìẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wà ní góńgó, wọ́n lè yé tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 80 ni mo máa ń fẹ́ rí nínú ìwé, kí ikú sì ti yọ díẹ̀ kúrò nínú iye adìẹ.

Ìbéèrè kẹta, ta ló kó ẹyin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, máa ń jọ ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ lásán lójú ẹni tí wọ́n bi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè dárúkọ ènìyàn láìronú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo ẹyin yín, nítorí bí ẹni náà bá jẹ yín lówó tàbí tó bá rí oko mìíràn, òwò yín dúró nìyẹn. Ó sì fẹ́ nọ́ńbà tó lè pè. Mo máa ń pè wọ́n. Mo máa ń lọ sí oko pẹ̀lú, mo sì máa ń ka àpò oúnjẹ tó ti ṣófo, tí wọ́n ká jọ sí ẹ̀yìn ilé adìẹ, nítorí àwọn ẹlẹ́yin kì í sáábà dà wọ́n nù, wọ́n máa ń tà wọ́n. Àpò òfìfo máa ń sọ iye tí adìẹ jẹ lóṣù kan ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Ọ̀dọ́ Aṣáájú

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ohun tó sọnù nínú ètò yín, ìyá, ni ipa tí òwò náà yóò ní lórí àwùjọ. Ẹ kọ iye ọ̀dọ́ tí ẹ ó gbà síṣẹ́ sí i, ó kéré tán mẹ́wàá, kí ẹ fi ti àwọn obìnrin àti àyíká kún un. Mo kọ irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fún wa lówó. Àwọn tó ń kà á fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Àgbà Kírédíìtì

Àbúrò, ẹ kú oríire ti owó náà, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ ni wọ́n fún yín, ẹ kò ní dá a padà. Ẹni tó ń fúnni ní owó ọ̀fẹ́ fẹ́ mọ ire tí owó rẹ̀ máa ṣe. Ẹni tó ń yáni lówó fẹ́ mọ bí yóò ṣe padà. Bí ìyá wa bá kọ òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sí ètò adìẹ 700, ohun tí òṣìṣẹ́ báǹkì yóò rí ni owó oṣù ènìyàn mẹ́wàá, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan pẹ̀lú olóko lè bójú tó wọn. Yóò yọ owó oṣù mẹ́wàá kúrò, kò sì ní ku nǹkan kan.

Alábúrẹ́dì Abẹ́òkúta

Èmi ní ẹjọ́ tèmi, mo sì fẹ́ kí àgbà yìí dá mi lóhùn. Ilé búrẹ́dì ni mo ní. Mo mú ètò tó péye lọ, gbogbo iye fúláwà, ṣúgà àti gáàsì ló bá ohun tí mo ń rà mu, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́fà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ₦3,000,000 ránṣẹ́ fún ilẹ̀ tó fẹ́ rà níbí, mo sì san án fún àwọn onílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Òṣìṣẹ́ náà fi báírò pupa yí owó náà ká, kò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n sì kọ̀wé pé wọn kò lè yá mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àbúrò ẹni fi owó ránṣẹ́ ni?

Àgbà Kírédíìtì

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì yẹ kó bi yín. Mo gbà pé kò tọ́ bí kò ṣe béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí owó yẹn jọ lójú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yá owó ọlọ́wọ́ sínú àkáǹtì kí wọ́n tó tẹ sítétímẹ́ǹtì, kí ó lè dà bí ẹni pé òwò wọn ń mú owó ńlá wọlé, wọ́n á sì dá a padà kíákíá. Owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, tó pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, tó sì jáde lódindi láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó jọ ìyẹn gan-an. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àkáǹtì yín, ẹ má dúró kí wọ́n béèrè. Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú ètò náà, kí ẹ sì so ríṣíìtì àwọn onílẹ̀ mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń ka sítétímẹ́ǹtì nìyí, ó sì kan Ẹlẹ́yin Ìwó náà. Òpin owó tí báǹkì kọ sí ìsàlẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan fún wa. A ó mú gbogbo owó tó wọlé, a ó yọ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín láti àkáǹtì mìíràn, a ó yọ èyí tí ẹ yá, a ó yọ èyí tí báǹkì dá padà nítorí pé kò lọ, a ó sì yọ irú owó àbúrò yín yìí. Èyí tó kù la máa fi wé ohun tí ẹ sọ pé ẹ ń tà. Bí ètò bá sọ pé ẹyin ₦720,000 lẹ ń tà lóṣù, tí ₦250,000 péré sì ń gba inú báǹkì kọjá, ìbéèrè máa wà. Ó lè jẹ́ pé owó ọwọ́ ni àwọn oníbàárà ń san, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹlẹ́yin, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí lójoojúmọ́, kódà bó jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé. Mo fẹ́ràn ìwé tó ní àbàwọ́n, tí báírò rẹ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Èyí tí wọ́n fi báírò kan ṣoṣo kọ oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ ní ìjókòó kan, ojú lásán ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kò kíyè sí, ìyẹn àwọn owó kéékèèké tí àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù ń yọ. Bí mo bá rí i pé ẹnì kan ń gba ₦50,000 níbí, tó ń fi san ₦60,000 lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé owó tuntun tí mo bá fún un yóò kọ́kọ́ lọ pa àwọn iná yẹn, kò ní dé oko. A sì ń rí gbèsè ẹni lórí àkọsílẹ̀ kírédíìtì, òfin ọdún 2017 ló ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti ọdún 2020 pẹ̀lú, ètò kan wà tí báǹkì fi lè yọ gbèsè tó bàjẹ́ láti inú àkáǹtì tí onígbèsè ní ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN rẹ̀.

Agbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹlẹ́yin bíi tiyín ni mí, mo sì ti gba irú owó yìí rí. Ohun tí òṣìṣẹ́ tèmi béèrè tí kò sí nínú tiyín ni pé, bí owó ẹyin bá já wálẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n nítorí pípàrọ̀ náírà, ẹyin kún ilẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kò sí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ tó fi máa rà á. Adìẹ kò sì mọ̀ pé kò sí owó nígboro, ó ń jẹ, ó ń yé. Nítorí náà, ẹ ṣe tábìlì kejì, kí ẹ gbé kíréètì wálẹ̀ sí ₦4,000, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè san gbèsè. Bí ètò kan bá san gbèsè tán ní ₦4,500, tó sì wó ní ₦4,000, ẹ gba owó tó kéré sí i.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ra ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan. Ẹ ra èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ 16, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé. Yóò wọ́n ju ọmọ adìẹ lọ, àmọ́ oṣù márùn-ún yẹn yóò di nǹkan bí oṣù méjì.

Onílé Òṣogbo

Agbẹ̀, mo ti rí ẹni tó ra irú adìẹ yẹn, tí kò mọ àjẹsára tí wọ́n gbà, tí ìdajì wọn sì kú. Ṣé òṣìṣẹ́ báǹkì kò ní ka ìyẹn sí ewu ni?

Àgbà Kírédíìtì

Yóò kà á sí ewu, ẹ sọ òótọ́. Mo ti rí méjèèjì tó yọrí sí rere, mo sì ti rí méjèèjì tó bàjẹ́. Ohun tí mo máa béèrè ni ìwé àjẹsára láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́ wọn, pàápàá ti Newcastle àti Gumboro, àti orúkọ dókítà ẹran tó ń wò wọ́n. Bí kò bá sí, èmi fúnra mi máa fẹ́ kí ó ra ọmọ adìẹ, kí ó sì tọrọ oṣù márùn-ún tí kò ní dá owó padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ báǹkì kékeré kì í fúnni ní oṣù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn náà ń lo owó àwọn tó ń fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹlẹ́yin Ìwó

Mo ti jókòó ti ìwé àti báírò. Mo fẹ́ gbà á lọ́nà ti Agbẹ̀: kí n ra 300 tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé ní ₦6,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí mo mọ ẹni tó ń tọ́ wọn, mo sì lè rí ìwé àjẹsára wọn. Ilé tí wọ́n máa gbé ti wà, mo sì ní ₦600,000 tí mo ti tọ́jú fún kéèjì. Nítorí náà, ₦2,000,000 ni mo máa béèrè, kí wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí san láti oṣù kẹta. Mo yọ 15 kúrò fún ikú, mo sì fi ẹyin 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é. Bí mo bá pa àwọn 300 yìí pọ̀ mọ́ 200 ti tẹ́lẹ̀, tí mo yọ oúnjẹ, owó oṣù ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́, oògùn, ọkọ̀ àti ₦100,000 tí a ń jẹ nílé, ó ku nǹkan bí ₦290,000 lóṣù. Bí èlé bá jẹ́ bí ẹ ti sọ, tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún oṣù 12, tí mo sì pín in san ní ìgbà 12, ohun tí mo máa dá padà lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦247,000. Ó wọlé.

Ohun kan tó kù ni pé mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ₦180,000, mo ń san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú rẹ̀?

Onílé Òṣogbo

Ẹ má kọ ọ́. Kò sí lórí àkọsílẹ̀ kankan tí báǹkì lè rí, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín ni ẹ jọ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dín owó tí wọ́n máa yá yín kù.

Àgbà Kírédíìtì

Èmi á ní kí ẹ kọ ọ́. Àwọn oníduró tí ẹ máa mú wá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ oníduró ni pé, "Ta ni ìyá yìí tún jẹ lówó?" Gbèsè ₦180,000 tí wọ́n ń san déédéé kò ba ètò jẹ́. Èyí tí a bá nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti bò ó ló máa bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí gbèsè kankan, wọ́n á dín owó kù láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà mi ò lè sọ pé Onílé ń purọ́.

Ìṣirò yín tuntun dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, owó tí ẹ fúnra yín fi sí i náà yóò sì wúwo lójú wọn. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan, òun náà ni òṣìṣẹ́ yẹn máa bi yín: ọ̀sẹ̀ mélòó ni àwọn 200 ti tẹ́lẹ̀ ti pé?

Ẹlẹ́yin Ìwó

Wọ́n ti lé ní ọ̀sẹ̀ 60 díẹ̀.

Àgbà Kírédíìtì

Nígbà náà, àwọn adìẹ yẹn kò ní bá yín dé òpin gbèsè yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tà wọ́n nígbà tí wọ́n bá tó ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, nítorí ẹyin wọn á ti dín kù, oúnjẹ wọn kò sì ní dín. Láàárín oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, 200 yẹn ti kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì ń ka èrè wọn fún gbogbo oṣù 12. Bí ẹ bá yọ wọ́n, èyí tó kù lọ́wọ́ yín lóṣù kò ní tó ₦100,000, owó tí ẹ máa dá padà sì lé ní ₦240,000. Ẹ ó ta àwọn àgbà adìẹ náà, owó ńlá kan á wọlé, bó bá sì bọ́ sí àsìkò Kérésìmesì yóò dára gan-an, àmọ́ yóò tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ètò tí mo bá fọwọ́ sí ni èyí tó sọ níbẹ̀ pé, ní oṣù kẹrin, a ó ta àwọn àgbà, a ó sì fi owó wọn ra 150 mìíràn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yé, kí ẹyin má bàa dáwọ́ dúró. Yálà ìyẹn, tàbí kí ẹ béèrè fún oṣù 18 dípò 12, tàbí kí owó náà kéré sí i. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe é ní àròpọ̀ ọdún. Ìgbà tí a bá fi ọdún kan ṣe àròpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń dára, tí oṣù keje tàbí ìkẹjọ á sì fi ihò hàn nínú wọn.

Ẹlẹ́yin Ìwó

Mo ti gbọ́. Màá kọ ọ́ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, màá fi ọjọ́ tí mo máa ta àwọn àgbà sí i, màá sì kó ìwé tí mo fi ń kọ ẹyin lójoojúmọ́ dání, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn mẹ́rin tó ń kó ẹyin lọ́wọ́ mi. Lórí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mi ò tíì pinnu. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti rí báǹkì kékeré tó fún ẹlẹ́yin ní oṣù 18 rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irú ohun ìdógò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ̀ kí n tó padà lọ.